Nọ́ọ̀fù orí méjìlá: bí Táíwò ará Ládípọ̀ ṣe lè bá yín há wọn sórí

Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, olùkọ́ kan bi mí nínú ìdánwò ẹnu pé, "Kí ni nọ́ọ̀fù orí nọ́mbà 6?" Mo mọ gbólóhùn ìrántí tí gbogbo wa jọ há sórí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ kẹfà, lẹ́tà A ló wà níbẹ̀. Inú mi dùn, mo ní, "Akisẹ́sọ́rì ni, sà." Ó wò mí títí, ó wá ní, "Bí ojú aláìsàn bá kọ̀ tí kò yí síta mọ́, ṣé èjìká ẹ̀ lo fẹ́ yẹ̀ wò?"

A méjì ló wà nínú àwọn méjìlá náà. Abudúsẹ́ńsì ni nọ́mbà 6, òun ló ń yí ẹyinjú sí ẹ̀gbẹ́ ìta. Akisẹ́sọ́rì ni nọ́mbà 11, òun ló ń bá wa gbé èjìká sókè. Gbólóhùn ìrántí mi fún mi ní lẹ́tà, kò fún mi ní orúkọ. Èmi ni mo fi orúkọ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu dí àlàfo náà.

Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ìwé ànátọ́mì ẹ̀ wá bá mi nílé wa ní Pápá Àjàó. Ìdánwò ẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka nǹkan yìí lẹ́ẹ̀mẹẹ̀dógún, kò dúró." Ohun tí a jọ ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí ni à ń há sórí gan-an?

Nọ́ọ̀fù ni okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn lọ gbé e bọ̀ láàárín ọpọlọ àti ara. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gba inú eegun ẹ̀yìn jáde, àmọ́ méjìlá wà, lọ́tùn-ún àti lósì, tí a ń pè ní nọ́ọ̀fù orí. Sámúẹ́lì Tọ́másì Sọ́márìǹgì, onímọ̀ ará Jámánì, ló to iye wọn sí méjìlá ní ọdún 1778, ètò yẹn la sì ń lò títí dòní. Kì í ṣe pé ó kàn fún wọn ní nọ́mbà bó ṣe wù ú. Láti iwájú ọpọlọ lọ sí ẹ̀yìn ni ó ti ń kà á: nọ́mbà 1 wà níwájú lókè imú, àwọn tó gbẹ̀yìn sì wà nísàlẹ̀, níbi tí ọpọlọ ti fẹ́ di ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ìdí tí ètò náà fi ṣe pàtàkì ni pé nọ́mbà ti di orúkọ ní ilé ìwòsàn. Dókítà lè kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn pé nọ́mbà 7 kò ṣiṣẹ́ lápá òsì, kó má tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì tó bá ka ìwé náà gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ojú aláìsàn yẹn lè má pa dé, pé ó yẹ kí wọ́n bá a dáàbò bò ó kó má baà gbẹ. Kò sí àyè láti máa ka ìka lábẹ́ tábìlì.

Ibi tí gbólóhùn àtijọ́ ti ń já wa sílẹ̀

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ń sọ̀rọ̀ nípa òkè Òlímpọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gíríìkì. Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Múṣin kò rí òkè náà rí, torí náà àwòrán kankan kò wá sí i lọ́kàn. Èkejì, orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ní ti nọ́mbà 8, lẹ́tà A ló wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ń pe nọ́ọ̀fù náà ní Akọ́sítíìkì nígbà yẹn. Ní ti nọ́mbà 11, S ló wà níbẹ̀. Ìwé tí àbúrò mi ń lò kò bá a mu mọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó mú mi ní ọjọ́ ìdánwò mi: orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló fi O bẹ̀rẹ̀, T méjì wà, A méjì, V méjì. Tí ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn yín bá gbé lẹ́tà kan ṣoṣo dání, kò lè sọ fún yín èwo nínú O mẹ́ta náà ló kọ́kọ́ wá.

Ohun tí àwọn babaláwo ti mọ̀

Kí a tó ṣe tiwa, mo fi nǹkan kan han àbúrò mi. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún ló wà nínú Ifá, wọ́n sì ní ètò. Ẹ wo ètò tó wọ́pọ̀: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí, Ìrosùn, Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀bàrà, Ọ̀kànràn, Ògúndá, Ọ̀sá, Ìká, Òtúrúpọ̀n, Òtúrá, Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́, Òfún. Àwọn tó ń há a sórí kì í há orúkọ lásán, nítorí pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àmì tí a ń tẹ̀ sórí ọpọ́n.

Ẹ fi 1 dúró fún ilà kan, kí ẹ fi 2 dúró fún ilà méjì, kí ẹ sì kà láti òkè wá sílẹ̀. Ogbè jẹ́ 1-1-1-1, Ọ̀yẹ̀kú tó tẹ̀lé e jẹ́ 2-2-2-2. Ìwòrì jẹ́ 2-1-1-2, Òdí jẹ́ 1-2-2-1. Ní ti tọkọtaya méjì yìí, ẹ kàn pààrọ̀ 1 sí 2 ni. Láti Ìrosùn lọ, ẹ kàn máa dorí àmì kodò ni: Ìrosùn jẹ́ 1-1-2-2, Ọ̀wọ́nrín jẹ́ 2-2-1-1, Ọ̀bàrà jẹ́ 1-2-2-2, Ọ̀kànràn jẹ́ 2-2-2-1. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dé Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún.

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tí a lè yá lò. Àkọ́kọ́, mẹ́rìndínlógún ti di ìpín méjì-méjì lọ́nà mẹ́jọ. Èkejì, orúkọ kọ̀ọ̀kan so mọ́ nǹkan tí ojú rí, tí ọwọ́ sì lè tẹ̀. Ìdí tí ìpín fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ibi tí ọpọlọ ti ń di nǹkan tuntun mú kò gbòòrò. Ní 2001, Nẹ́lísìn Kówáànì kọ̀wé pé nǹkan bí mẹ́rin péré ni a lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Méjìlá pọ̀ jù fún un. Tí a bá sì ka àtòjọ gígùn lẹ́ẹ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ló máa ń dúró, àárín ló máa ń sọnù. Tí a bá pín in, ìpín kọ̀ọ̀kan á ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tiẹ̀.

Aago ògiri

Aago ògiri wa wà lókè tẹlifíṣọ̀n. Nọ́mbà méjìlá ló wà lójú aago, méjìlá sì ni nọ́ọ̀fù. A pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta: 1 sí 3, 4 sí 6, 7 sí 9, 10 sí 12. Òpin ìpín kọ̀ọ̀kan bọ́ sí igun aago: 3, 6, 9 àti 12.

Ẹ wo bó ṣe bọ́ sí i. Nọ́mbà 3 ni Ọ́kúlómótọ̀, nọ́mbà 6 ni Abudúsẹ́ńsì: àwọn méjèèjì ló ń yí ẹyinjú. Nọ́mbà 9 ni Gilósófaríńjíà, nọ́mbà 12 ni Haipógílọ́sà: ẹ máa gbọ́ "gilo" nínú àwọn méjèèjì, torí pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ahọ́n ló wà nínú orúkọ wọn. Torí náà 3 àti 6 jẹ́ ti ojú, 9 àti 12 jẹ́ ti ahọ́n. Èyí ni ẹ máa kọ́kọ́ há sórí, kí ẹ tó kan gbólóhùn kankan.

Bí a ṣe kọ gbólóhùn náà

Òfin mẹ́ta ni mo fún àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ju lẹ́tà kan lọ dání, ó kéré tán ìró méjì látinú orúkọ. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ àfikún kankan, kódà "ni" tàbí "sì", torí lọ́jọ́ ìdánwò ẹ máa kà á mọ́ nọ́ọ̀fù. Ìkẹta, ibi tí a mọ̀ ni kó ti ṣẹlẹ̀. Ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta pátì ọkọ̀, kò jìnnà sí wa, la bá mú ọkùnrin kan níbẹ̀ nínú èrò wa, a sọ ọ́ ní Táíwò, owó ọkọ̀ sì ti sọ ọ́ di ọlọ́lá. Ẹ wo gbólóhùn náà:

*Ọlá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ / tó Táíwò, àbúrò: / fèsì, fẹsẹ̀ gìrìgìrì, / fàgùntàn Akin, hàà!*

Mo mọ̀ pé gírámà ẹ̀ ń tiro díẹ̀. Kò sí wàhálà. Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé dání:

1. Ọlá: Ọlifákítọ́rì
2. Ọ̀pọ̀: Ọ́pítíìkì
3. Ọkọ̀: Ọ́kúlómótọ̀
4. Tó: Tirókílíà
5. Táíwò: Tiráíjẹ́mínà
6. Àbúrò: Abudúsẹ́ńsì
7. Fèsì: Féṣíà
8. Fẹsẹ̀: Fẹsítíbúlókókílíà
9. Gìrìgìrì: Gilósófaríńjíà
10. Fàgùntàn: Fégọ́ọ̀sì
11. Akin: Akisẹ́sọ́rì
12. Hàà: Haipógílọ́sà

O mẹ́ta àkọ́kọ́ kò lè dàrú mọ́, torí ọl, ọp àti ọk kò jọra. T méjì ló le jù, nítorí "tir" ni àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀. A fi fáwẹ̀lì yà wọ́n: "tó" gbé "o" tó wà nínú Tirókílíà, "Táíwò" gbé "ai" tó wà nínú Tiráíjẹ́mínà. "Àbúrò" àti "Akin" yanjú A méjì tó dójú tì mí lọ́jọ́sí.

Ní nọ́mbà 9, "gbogbo" ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Àbúrò mi kà á, ó ní kò mú òun rántí nǹkan kan. Òótọ́ ni. "Gb" jẹ́ lẹ́tà kan fúnra ẹ̀ ní Yorùbá, etí kì í gbọ́ "g" nínú rẹ̀. Bí a ṣe sọ ọ́ di "gìrìgìrì" báyìí, "gilo" tẹ̀lé e wá.

Wàhálà lẹ́tà V

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún, mo ní kó kọ méjìlá náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ nínú ìdánwò, ní sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì. Ètò ẹ̀ pé. Àmọ́ ó fi F bẹ̀rẹ̀ nọ́mbà 10, ó sì fi F bẹ̀rẹ̀ nọ́mbà 8. Ẹ̀bi mi ni. Alífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ní V, F la fi ń rọ́pò rẹ̀, gbólóhùn wa sì ní F mẹ́ta. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ F lóòótọ́, ìyẹn Féṣíà tó jẹ́ ti ojú.

A wo ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. "Fèsì" kò lọ síbì kankan, ẹnu àti ojú la fi ń fèsì. "Fẹsẹ̀" ní ẹsẹ̀ nínú. "Fàgùntàn" ní àgùntàn tó ń rìn nínú. Àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ di òfin: "F tó bá ń rìn, V ni." Àtìgbà yẹn kò tún ṣì í kọ mọ́.

Òfin náà tún ṣe wá lóore méjì. Nọ́mbà 8 ni nọ́ọ̀fù ìgbọ́ràn àti ìdúróṣinṣin. Tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, òòyì lè kọ́ni, kí ẹsẹ̀ má dúró. Ní ti nọ́mbà 10, orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn túmọ̀ sí alárìnkiri, nítorí pé ó kúrò ní orí, ó gba ọrùn kọjá, ó dé ọkàn, ó dé ẹ̀dọ̀fóró, ó dé inú ikùn. Ẹni tó bá ti rí àgùntàn tó ń dá rìn kiri àdúgbò ti rí Fégọ́ọ̀sì.

Ẹ fi ara yín ṣe ọpọ́n

Gbólóhùn nìkan kò tó. Odù ní àmì lórí ọpọ́n. Nọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọwọ́ máa kàn. Ẹ máa sọ gbólóhùn náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀fù kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń sọ ọ́.

Ní ìpín àkọ́kọ́, ẹ fimú fa òórùn ní "ọlá", ẹ tẹjú mọ́ nǹkan ní "ọ̀pọ̀", ẹ gbé ìpéǹpéjú sókè kí ẹ wòkè ní "ọkọ̀". Ní ìpín kejì, ẹ wo ìsàlẹ̀ síhà imú ní "tó" (ẹni tí nọ́mbà 4 rẹ̀ bá ń ṣàìsàn máa ń rí nǹkan ní méjì-méjì tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn), ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ sì jẹnu bí ẹni ń jẹun ní "Táíwò", ẹ yí ojú síta ní "àbúrò".

Ní ìpín kẹta, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ ní "fèsì", ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró ní "fẹsẹ̀", ẹ gbé itọ́ mì ní "gìrìgìrì". Ní ìpín kẹrin, ẹ gbé ọwọ́ láti ọ̀fun lọ sí ikùn ní "fàgùntàn", ẹ gbé èjìká méjèèjì sókè ní "Akin", kí ẹ sì yọ ahọ́n síta ní "hàà". Ìyá wa wọlé bá wa níbi tí a ti ń yọ ahọ́n. Ó wò wá, ó padà síta, kò bèèrè nǹkan kan.

Ẹ ṣọ́ra o: iṣẹ́ kan péré ni mo fi so mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn nọ́ọ̀fù kan sì ní ju ìyẹn lọ. Féṣíà náà ló ń gbé ìtọ́wò wá láti iwájú ahọ́n, Gilósófaríńjíà ló ń gbé ti ẹ̀yìn ahọ́n. Ìyẹn ẹ gbọ́dọ̀ kà nínú ìwé. Ohun tí ìfarahàn yìí ń ṣe ni kó má jẹ́ kí ẹ fi èjìká dáhùn ìbéèrè ojú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọlé

Tí ẹ bá lè kà á láti 1 dé 12 láìdúró, kò tíì wọlé. Orin lásán ni. Ẹ ní kí ẹnì kan dárúkọ nọ́mbà láìtẹ̀lé ètò. Tó bá ní 8, ẹ má padà sí 1. Ẹ lọ sí igun aago tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn 9, gìrìgìrì, kí ẹ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan: fẹsẹ̀. Tó bá ní 4, ẹ lọ sí 3, ọkọ̀, kí ẹ rìn síwájú lẹ́ẹ̀kan: tó. Kò sí nọ́mbà tó máa gbà ju ìgbésẹ̀ kan lọ, àyàfi 1, òun náà sì ni ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti 1 ní gbogbo ìgbà, igun aago ni kò tíì dúró, ẹ padà sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà: kí wọ́n sọ iṣẹ́, kí ẹ sọ nọ́mbà àti orúkọ. "Ahọ́n aláìsàn ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá yọ ọ́ síta." Nọ́mbà 12. Èyí ló jọ ìdánwò jù. Àbúrò mi ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ ó tún ṣe é, ó wá ṣe é lálẹ́ tó ṣáájú ìdánwò. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin ti sọnù nínú méjìlá, gbogbo wọn láàárín 7 sí 11. Ìpín méjì yẹn nìkan ló padà sí, kò tún gbogbo ẹ̀ kà.

Ó ní ibi tí ọgbọ́n yìí parí sí. Kò lè sọ fún yín ihò wo nínú eegun orí ni nọ́ọ̀fù kọ̀ọ̀kan ń gbà jáde. Ẹ má sì kọ gbólóhùn mìíràn tó jọ ọ́ fún àtòjọ mìíràn lọ́sẹ̀ kan náà. Bí Táíwò kan bá wà nínú nọ́ọ̀fù, tí Táíwò mìíràn tún wà nínú eegun ọrùn ọwọ́, wọn á jà. Ẹ lo ibòmíràn àti èèyàn mìíràn.

Lọ́jọ́ ìdánwò náà, wọ́n to ẹ̀yà ara sórí tábìlì, agogo ń dún, wọ́n sì ń sún láti tábìlì kan sí òmíràn. Nígbà tó dé, mo bi í pé báwo ló ṣe lọ. Ó ní àwòrán ọkùnrin kan wà ní tábìlì kan, ojú ọ̀tún ẹ̀ kò lè yí síta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo kàn wo aago ara ògiri wọn ni, mo wo nọ́mbà 6, mo sì gbọ́ ọ létí mi: àbúrò." Abudúsẹ́ńsì ló kọ sílẹ̀.